Fọ́ǹdù àgbáyé: ṣé kí n ra èyí tí wọ́n kọ `EUR Hedged` sí lára ni àbí kí n fi í sílẹ̀?

Atọ́júOwó
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Mo fẹ́ máa fi 150 yúrò sínú fọ́ǹdù àgbáyé lóṣooṣù, yúrò ni mò ń gbà, yúrò náà ni mò ń ná, mi ò sì ní fọwọ́ kan owó yìí fún bí ọdún 15. Mo wá fọ́ǹdù yẹn lórí áàpù bùrọ́kà mi, fọ́ǹdù kan ṣoṣo ló yọjú lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀kan `USD`, ọ̀kan `EUR`, ẹ̀kẹta `EUR Hedged`. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣíà kan náà ló wà nínú wọn. Méjì àkọ́kọ́ ń gba 0.20% lọ́dún, ẹ̀kẹta ń gba 0.55%. Mo wá wo ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2025, ni mo bá rí i pé `EUR` pàdánù, `EUR Hedged` jèrè. Báwo ni ẹrù kan náà ṣe máa jèrè tí á tún pàdánù lákòókò kan náà? Èwo ni kí n rà?

Ọmọ Alájọ
Ọ̀rọ̀ tí ò le rárá lo sọ di ńlá yìí o. Ra `EUR`, kó o lọ sùn. Yúrò lo fi rà á, yúrò ni iye ẹ̀ fi ń jáde lórí áàpù, dọ́là wá kàn ọ́ níbo? Èyí tó ń gba 0.55% yẹn, ńṣe ni wọ́n kàn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹ lásán. Àti pé fún ẹni tó máa dúró ọdún 15, dọ́là tó gòkè lónìí á sọ̀ kalẹ̀ lọ́la, gbogbo ẹ̀ á para wọn rẹ́ náà ni.

Bàbá Ìṣirò
Ọmọ Alájọ, ibi tó o parí ẹ̀ sí lè má jìnnà sí òótọ́, àmọ́ ọ̀nà tó o gbà débẹ̀ ò tọ́ jàre. Iye yúrò tó ò ń rí lórí áàpù yẹn, dọ́là ni wọ́n ṣẹ́ sí yúrò fún ọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà nínú fọ́ǹdù ò yí padà. Nínú irú fọ́ǹdù tó ń kó àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ pọ̀ báyìí, bíi 70% ló jẹ́ ṣíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dọ́là ni wọ́n fi ń tà á tí wọ́n sì fi ń san èrè ẹ̀. Inú ìyókù ni yẹ́ẹ̀nì, pọ́ùn, yúrò fúnra ẹ̀ àti àwọn mìíràn wà.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó dán an wò. Ẹ mú iye kíláàsì `USD`, ìyẹn ẹ̀yà fọ́ǹdù náà tí wọ́n ń ta ní dọ́là, lọ́jọ́ kan, ẹ fi iye `EUR` ọjọ́ yẹn pín in. Ká ní `USD` jẹ́ 118, `EUR` jẹ́ 100, 1.18 lẹ máa rí, ẹ wá lọ wo réètì yúrò sí dọ́là lọ́jọ́ náà, ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, á tún bára mu. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é fún `EUR Hedged`, á bẹ̀rẹ̀ sí í yà síra, torí pé wọ́n ti hẹ́ẹ̀jì tiẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi àdéhùn dí lílọ sókè-sódò dọ́là sí yúrò.

Atọ́júOwó, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2025 tó o bi wá nìyí, màá fi ṣíà Amẹ́ríkà nìkan ṣe é kó lè rọrùn. Ẹnì kan ní 10,000 yúrò ní ìparí ọdún 2024. Réètì ìgbà yẹn wà ní bíi 1.035, ìyẹn ni pé dọ́là 10,350 ló wọ ọjà. Àtọ́ka S&P 500 gòkè ní bíi 5.5% títí di ìparí oṣù kẹfà, owó ẹ̀ di nǹkan bíi dọ́là 10,920. Ẹ rí i pé èrè ni o. Àmọ́ dọ́là fúnra ẹ̀ ti wọlẹ̀, yúrò kan ti di bíi dọ́là 1.18, tó bá ṣẹ́ 10,920 yẹn padà, bíi 9,250 yúrò ló máa bá lọ́wọ́. Ọjà gòkè, òun sì pàdánù 750. Ẹni tó wà nínú `EUR Hedged` ní tiẹ̀ ti fìdí réètì ẹ̀ múlẹ̀ ṣáájú, nǹkan bíi 10,450 ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe 10,550 o, nǹkan bíi 1% ti bá ọ̀nà mìíràn lọ, màá ṣàlàyé ìyẹn tí ẹnikẹ́ni bá bèèrè.

Dúró Ṣinṣin
Háà! Ta ló wá fẹ́ ra èyí tí wọn ò hẹ́ẹ̀jì? Bàbá ẹ ṣé gan-an ni, èmi ti ń wá nǹkan tí á jẹ́ kí owó mi má wọlẹ̀ nígbà tí ọjà bá ṣubú ọjọ́ ti pẹ́, mo fẹ́ kó gbogbo tèmi lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Bàbá Ìṣirò
Dúró Ṣinṣin, rọra o, má tíì kó nǹkan kan lọ síbì kankan. Kò sí ohun tí hẹ́ẹ̀jì yìí fi kan ìṣubú ọjà. Tí ṣíà bá já wálẹ̀ ní 30%, ìwọ náà á já wálẹ̀ ní 30%. Ohun tó yọ kúrò ni lílọ sókè-sódò dọ́là sí yúrò nìkan, tibi-tire ẹ̀ ló sì yọ kúrò. Ẹ jẹ́ ká wo ọdún 2022 ká rí i.

Ẹnì kan ní 10,000 yúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, réètì wà ní bíi 1.14, dọ́là 11,400 nìyẹn. S&P 500 ṣubú ní nǹkan bíi 19% lọ́dún yẹn, owó náà di bíi dọ́là 9,190. Àmọ́ dọ́là ń lágbára sí i bí ọjà ṣe ń ṣubú, nígbà tọ́dún fi máa parí yúrò ti bọ́ sí bíi 1.07, nítorí náà ẹni tí kò hẹ́ẹ̀jì bá bíi 8,590 yúrò lọ́wọ́. Ẹni tó hẹ́ẹ̀jì jẹ gbogbo ìyà 19% náà tán, ó tún fi nǹkan bíi 2% lé e fún hẹ́ẹ̀jì, bíi 7,900 ló kù fún un. Bí ẹni tó ṣe hẹ́ẹ̀jì bá ṣí fọ́ǹdù ẹ̀ wò lọ́dún yẹn, á ti máa bú èèyàn.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ni pé nígbà tí ìbẹ̀rù bá mú àwọn olówó káàkiri ayé, dọ́là ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń sá lọ bá, bó ṣe rí lọ́dún 2008 náà nìyẹn. Dọ́là tó wà nínú fọ́ǹdù á wá máa gbé ẹ dìde díẹ̀ nígbà tí ṣíà ń gbé ẹ ṣubú. Àmọ́ mi ò ní búra pé bó ṣe máa rí nígbà gbogbo nìyẹn, torí ní oṣù kẹrin ọdún 2025 nígbà tí Amẹ́ríkà kéde owó orí ọjà tó ń wọlé yẹn, ṣíà ṣubú, dọ́là náà sì ṣubú tẹ̀ lé e. Àwọn tí wọ́n gbọ́kàn lé dọ́là pé á gbé wọn ró, ẹnu yà wọ́n.

Jẹ́jẹ́ Lawọ́
Èmi ni mo fẹ́ béèrè 1% yẹn. Bàbá, mo wo ìwé fọ́ǹdù náà látòkè délẹ̀, 0.55% ni wọ́n kọ síbẹ̀, mi ò rí 1% tàbí 2% kankan. Ṣé wọ́n ń fi pa mọ́ fún wa ni?

Bàbá Ìṣirò
Wọn ò fi pa mọ́, torí pé kì í ṣe owó iṣẹ́ ni kò ṣe sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, mánẹ́jà fọ́ǹdù á bá báńkì ńlá kan ṣàdéhùn pé ní ìparí oṣù òun máa ta dọ́là báyìí báyìí fún un, kó fún òun ní yúrò, réètì tí wọ́n sì máa lò, òní ni wọ́n máa ti fẹnu kò lé e lórí. Tóṣù bá parí, wọ́n á ṣírò ẹni tó jèrè, wọ́n á san án, wọ́n á sì tún àdéhùn tuntun ṣe fún oṣù tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ.

Ó wá ku réètì tí báńkì máa fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ẹni tó bá fi dọ́là sí báńkì ń rí èlé tó lé ní 4% lọ́dún, ẹni tó fi yúrò sí i ò rí ju bíi 2.5% lọ. Ká ní wọ́n gbà kéèyàn ta dọ́là ọdún tó ń bọ̀ ní réètì tòní géérégé, gbogbo wa la máa lọ yá yúrò, ká fi ra dọ́là, ká jẹ èlé 4%, ká sì padà sí yúrò láìséwu kankan. Báńkì ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ńṣe ni wọ́n máa ń yọ ìyàtọ̀ èlé méjèèjì kúrò nínú réètì àdéhùn yẹn. Ibẹ̀ ni 1% oṣù mẹ́fà yẹn bá lọ. Kò sẹ́ni tó gbé e sápò, òun ni iye tí títa dọ́là ṣáájú ọjọ́ ń náni.

Ó tún lè yí padà o, tó bá jẹ́ owó tiyín ni èlé ẹ̀ ga ju ti òkèèrè lọ, ẹ̀yin ni wọ́n máa san ìyàtọ̀ yẹn fún. Ẹ wo Japan. Lápá ìparí ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé tiwọn sí 5.25% sí 5.5%, ti Japan ṣì wà lábẹ́ òdo, ní -0.1%. Ará Japan tó ra ṣíà Amẹ́ríkà tó sì ní kí wọ́n hẹ́ẹ̀jì ẹ̀ sí yẹ́ẹ̀nì, ó ń fi ohun tó lé ní 5% sílẹ̀ lọ́dún. Ará Amẹ́ríkà tó ra ṣíà Japan tó hẹ́ẹ̀jì sí dọ́là ń gba nǹkan bíi 5% yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Àdéhùn kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ téèyàn dúró sí ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí tiẹ̀ ń jẹ, kó mú èrè kíláàsì tí wọ́n hẹ́ẹ̀jì fún oṣù 12, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè tí àwọn ṣíà náà ṣe lówó ìlú tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín wọn ni gbogbo ohun tí hẹ́ẹ̀jì náni, tàbí tó fi kún un, pẹ̀lú owó iṣẹ́. Kó má retí pé á bára mu rẹ́gí, torí tí ṣíà bá gòkè láàárín oṣù, èrè tuntun yẹn ò tíì sí nínú àdéhùn. Ìlànà tí àwọn alábòójútó ọjà ní Yúróòpù fi lélẹ̀ lọ́dún 2017 ni pé ohun tí wọ́n hẹ́ẹ̀jì ò gbọ́dọ̀ dín sí 95% tàbí kó ju 105% lọ.

Ọmọ Alájọ
Ó dáa, mo ti gbà pé `EUR` ò yọ dọ́là kúrò. Àmọ́ ẹ ò tíì fèsì sí èyí tí mo sọ pé ó máa para wọn rẹ́. 2022 gbé e lọ sókè, 2025 gbé e wálẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ fi àpẹẹrẹ yín gbè mí lẹ́sẹ̀!

Bàbá Ìṣirò
Ẹ̀rín pa mí. Fún yúrò sí dọ́là, mi ò ní bá ẹ jiyàn púpọ̀, àwọn méjèèjì ti ń ṣe lọ-wá-lọ-wá láti ìgbà pípẹ́. Àmọ́ kì í ṣe òfin. Lọ́dún 2012, bíi yẹ́ẹ̀nì 80 ni wọ́n fi ń ra dọ́là kan. Lọ́dún 2024 ó kọjá 160. Ọdún 12 nìyẹn, kò padà. Ará Japan tó hẹ́ẹ̀jì ní gbogbo ọdún yẹn sọ owó ńlá nù, ará Amẹ́ríkà tó ra ṣíà Japan láìhẹ́ẹ̀jì, bíi ìdajì iye tí owó ẹ̀ ì bá dé ni yẹ́ẹ̀nì jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbogbo ọkàn gbà pé á para wọn rẹ́, kó kọ́kọ́ wo owó tí òun ń ná dáadáa.

Ọmọ Alájọ
Japan nìkan nìyẹn, èlé tiwọn ò rí bíi tàwọn tó kù. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi fún ẹni tó ń ná yúrò.

Ìyá Bólú
Ẹ dákun ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín o, èmi ò ná yúrò, èmi ò ná dọ́là. Owó ìlú tèmi ò sí nínú àwọn tí wọ́n ń hẹ́ẹ̀jì sí rárá, ọdọọdún ló sì ń rẹlẹ̀ sí dọ́là. Mo wá ra `USD Hedged` ti fọ́ǹdù àgbáyé kan torí mo rò pé dọ́là ló lágbára jù, ó máa dáàbò bo owó mi. Ṣé mo ti ṣe é re báyìí?

Bàbá Ìṣirò
Ìyá Bólú, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ ò ṣe nǹkan burúkú, kò kàn ṣe ohun tẹ́ ẹ rò ni. 70% tó jẹ́ ṣíà Amẹ́ríkà, dọ́là ni tẹ́lẹ̀, kò sóhun tí wọ́n fẹ́ hẹ́ẹ̀jì níbẹ̀. Bíi 30% tó kù ni wọ́n sọ di dọ́là, ìyẹn yúrò, yẹ́ẹ̀nì, pọ́ùn àtàwọn mìíràn. Nítorí náà ẹ ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ yín lé owó kan ṣoṣo lórí, tí kì í sì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń ra nǹkan. Tí dọ́là bá wọlẹ̀ bíi ti 2025, kò ní sí yúrò tàbí yẹ́ẹ̀nì tó máa gòkè nínú fọ́ǹdù yín láti gbè yín.

Ààbò tẹ́ ẹ̀ ń wá, wíwà lóde owó ìlú yín ló ń fún yín, fọ́ǹdù tí wọn ò hẹ́ẹ̀jì sì ti fún yín nìyẹn. Fún ẹni tówó ìlú ẹ̀ ń rẹlẹ̀, owó òkèèrè tó wà nínú fọ́ǹdù gan-an ni apá kan ìdí tó fi ń rà á. Tí wọ́n bá tiẹ̀ ní kíláàsì tó hẹ́ẹ̀jì sí owó yín, màá ní kẹ́ ẹ ronú lẹ́ẹ̀mejì, bí èlé tí wọ́n máa san fún yín bá tiẹ̀ pọ̀ lójú.

Ìyá Bólú
Ẹ ṣeun, sà. Ṣé kí n tà á ni?

Bàbá Ìṣirò
Ẹ wo iye tí owó iṣẹ́ àti owó orí máa jẹ kẹ́ ẹ tó tà. Ẹ lè fi èyí tó wà ńlẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi owó tuntun ra èyí tí wọn ò hẹ́ẹ̀jì. Tiyín ò burú tó bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo yín lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ṣíà, ẹ ò dárúkọ bọ́ǹdì. Mo ti fẹ̀yìn tì, yúrò ni mò ń ná, bọ́ǹdì àgbáyé ni púpọ̀ nínú owó mi wà, mi ò sì lè fojú kéré hẹ́ẹ̀jì ní tèmi. Ẹ ronú sí i: bọ́ǹdì tó ń mú 3% tàbí 4% wálé lọ́dún, tí dọ́là lè fi 10% yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, kí ló wá kù tí wọ́n ń pè ní bọ́ǹdì? Torí kó má fò sókè-sódò ni mo ṣe rà á. Ṣíà ní tiẹ̀ máa ń fò fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀, dọ́là kàn ń fi díẹ̀ kún un ni, nígbà mìíràn á tiẹ̀ dín in kù. Torí náà bọ́ǹdì mi, gbogbo ẹ̀ ni mo hẹ́ẹ̀jì, ṣíà mi ò ní ẹyọ kan.

Bàbá Ìṣirò
Olùkọ́, mo dọ̀bálẹ̀. Bí èmi náà ṣe máa ń pín in nìyẹn, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ látòkè.

Jẹ́jẹ́ Lawọ́
Èmi kì í fara mọ́ gbogbo-tàbí-òfo yìí. Ìdajì `EUR`, ìdajì `EUR Hedged`, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ ìdajì mi á tọ́. Ó jẹ́ kí n lè sùn.

Ọmọ Alájọ
Ìdajì kejì ò ní tọ́, o sì ń sanwó lórí méjèèjì. Ìdajì lórí 150 yúrò, 75, 75, tí bùrọ́kà sì lè máa gba owó lórí ríra kọ̀ọ̀kan. Rárá o.

Jẹ́jẹ́ Lawọ́
Kì í ṣe gbogbo bùrọ́kà ló ń gbà á. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa sá kúrò nínú fọ́ǹdù lọ́dún tí dọ́là bá gbo òun bíi ti 2025, sísá yẹn ló máa ná an jù, kì í ṣe owó iṣẹ́.

Bàbá Ìṣirò
Mi ò ní dá ẹjọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ìwà tí èèyàn mọ̀ mọ ara ẹ̀ ló máa sọ ìyẹn.

Atọ́júOwó
Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí o: ọdún 15, ṣíà nìkan, ìyàtọ̀ 0.35% lọ́dún, ìyẹn 35 yúrò lórí 10,000, mo tún máa fi ìyàtọ̀ èlé lé e. Mo rò pé màá mú èyí tí wọn ò hẹ́ẹ̀jì. Àmọ́ ó ku nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ìwé `EUR` yẹn kọ `Base currency: USD` sí i lára, ṣé ìyẹn ò ní dà mí láàmú? Èkejì, tí `USD` àti `EUR` bá jẹ́ ohun kan náà lóòótọ́, ṣé mo lè ra `USD` torí òun ni mo rí pé àwọn èèyàn ń rà jù?

Bàbá Ìṣirò
Èyí àkọ́kọ́, má wulẹ̀ wò ó. Owó tí wọ́n fi ń ṣe ìwé ìṣirò fọ́ǹdù ni, kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú ẹ̀.

Èkejì, ibẹ̀ gan-an ni kó o ti là ojú ẹ. Fọ́ǹdù kan náà ni, àmọ́ yúrò ló wà nínú àkáǹtì ẹ. Tó o bá tẹ `USD`, bùrọ́kà máa ṣẹ́ yúrò ẹ sí dọ́là kó tó rà á, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń já nǹkan sí i, ká sọ pé 0.5%. Tó o bá máa tà á lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á tún ṣẹ́ ẹ padà, 0.5% mìíràn. Lórí 150 yúrò, sẹ́ńtì 75 nìyẹn lóṣooṣù, yúrò 9 lọ́dún, láìjèrè nǹkan kan padà. Ra èyí tí wọ́n ń ta ní yúrò. Àti pé kó o tó tẹ ríra àkọ́kọ́, lọ wo ibi tí bùrọ́kà ẹ kọ iye tó ń gbà lórí ṣíṣẹ́ owó sí, ó máa ń wà lójú ìwé mìíràn yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n kọ iye ríra sí.

Dúró Ṣinṣin
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò tíì rí ìdáhùn tèmi o. Kí ni mo wá lè rà tí kò ní ṣubú?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Dúró Ṣinṣin ọmọ mi, ṣí ìjíròrò tìẹ lọ́tọ̀, kó o kọ ọdún tó o fẹ́ lo owó náà sí i. Màá wá síbẹ̀.